Ẹ Sọ Ohun Tí Ẹ Fẹ́ fún Ẹ̀rọ Náà

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, lè kọ sí ChatGPT pé: "Bá mi kọ ìpolówó. Má jẹ́ kó gùn, má dárúkọ ẹ̀dínwó." Nígbà mìíràn, èsì á jáde pẹ̀lú "Kò sí ẹ̀dínwó o!" Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn ni ẹ̀rọ yìí ń kọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì wà níwájú rẹ̀ ló fi ń pinnu èyí tó kàn. Bí ẹ bá ti dárúkọ ẹ̀dínwó, ẹ ti gbé e síwájú rẹ̀ nìyẹn. "Má" kan ṣoṣo kì í fìgbà gbogbo lágbára tó láti lé e kúrò. "Má jẹ́ kó gùn" pẹ̀lú kò sọ bó ṣe yẹ kó kúrú tó.

Ẹ wo èyí: "Kọ gbólóhùn mẹ́ta fún WhatsApp. Kí èkíní sọ irú aṣọ, kí èkejì sọ iye rẹ̀, 12,000 náírà, kí ẹ̀kẹta sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà." Ẹ lè ka gbólóhùn náà láti mọ̀ bóyá ó ṣe é.

Èèwọ̀ ṣì wúlò níbi tó bá ti le, bíi kó má ṣe hùmọ̀ iye owó. Ẹ ṣáà fi ohun tó yẹ kó ṣe tì í: "Bí o kò bá mọ iye, kọ 'Ẹ pè wá.'"