Lẹ́tà Tí Oníbàárà Ń Kà Délẹ̀

Oníṣòwò tó ní nọ́ńbà àti ímeèlì oníbàárà lọ́wọ́ pọ̀ lóde báyìí, wọ́n sì ń kọ̀wé sí wọn lóòrèkóòrè. Àmọ́ ohun tó máa ń wà nínú ìwé náà kì í yí padà: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọjà tuntun ti dé, iye rẹ̀ rèé. Àwòrán bí ogún á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lọ́jọ́ náà gan-an á wò ó. Ẹni tí kò fẹ́ rà á gbójú kúrò, tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ ẹni tó kọ̀wé nìkan ló máa rí tí á fi pa á rẹ́.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé oníbàárà kì í rajà lójoojúmọ́. Ẹ wo ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú, l'Ábẹ́òkúta. Obìnrin tó ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà Ìléyá lè má tún ra òmíràn títí di Kérésìmesì. Kí ni oníṣòwò yìí fẹ́ bá a sọ ní gbogbo oṣù tó wà láàárín? Iye owó ọjà kò kàn án. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti rà wà nínú àpótí rẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ní ohun tó fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1895, iléeṣẹ́ Deere tó ń rọ ohun èlò oko ní ìlú Moline, ní ìpínlẹ̀ Illinois l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní The Furrow fún àwọn àgbẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe lè ṣe oko rẹ̀ kó dára ni ìwé náà ń sọ ní pàtàkì. Àgbẹ̀ tí kò ní ra ohun èlò lọ́dún yẹn ṣì ní oko tó ń ro, nítorí náà ó rí ìdí láti kà á. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde títí di òní.

Kí aládìrẹ wa tó kọ gbólóhùn kan, kó ṣí fóònù rẹ̀, kó sì ka ohun tí àwọn oníbàárà ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó. Á rí i pé ìbéèrè kan náà ló ń padà wá. Aró ń jáde lára aṣọ mi, ṣé kì í ṣe ayédèrú? Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́? Kí ló dé tí apá kan fi dúdú ju èkejì? Ọ̀pá mélòó ni yóò tó fún ìró àti bùbá? Kó kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe béèrè wọn gẹ́lẹ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó lẹ́tà kan. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí ènìyàn kó ìdáhùn márùn-ún sínú lẹ́tà ẹyọ kan, kó wá di pé kò ní nǹkan kan láti sọ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣe lè lọ nìyí:

«Ẹ̀yin oníbàárà wa, ọ̀pọ̀ yín ló ti bi wá bóyá ayédèrú ni àdìrẹ tí aró ń jáde lára rẹ̀. Rárá o. Nígbà tí a bá rẹ aṣọ láró, aró tó ń gbà máa ń ju èyí tó lè dì mú lọ. Àṣẹ́kù yẹn ló ń bá omi jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sì sá a síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Bí omi bá ṣì dúdú kirimú lẹ́yìn ìyẹn, àwa ni a kò ṣàn án dáadáa kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ dá a padà fún wa.»

Gbólóhùn tó parí rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Oníṣòwò sọ ibi tí ẹ̀bi ti lè jẹ́ tirẹ̀, oníbàárà á sì gba ìyókù gbọ́.

Lẹ́yìn ìdáhùn, ó ku nǹkan méjì péré. Ìkejì ni ọnà kan pẹ̀lú àwòrán kan àti ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Bí àpẹẹrẹ, àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn: òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú ọnà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní in nílé ni kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ìkẹta ni ọjà: èyí tó wà nílẹ̀, iye rẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè rà á. Ìlà mẹ́ta tó. Gbogbo lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà tán nínú ọkọ̀ láàárín ibùdókọ̀ méjì.

Kí ètò yìí má yí padà, kí ọjọ́ rẹ̀ náà má sì yẹ̀, bí àpẹẹrẹ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Tó bá ti di lẹ́tà kẹta tàbí ìkẹrin, ẹni tó ń wá iye owó á ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ọnà á sì kọjú sí àárín. Ẹni tó ń kọ ọ́ náà kò ní máa jókòó ronú ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọjà bá dé lójijì láàárín oṣù, kó kọ ìyẹn lọ́tọ̀ sí àwọn tó sọ pé kí wọ́n máa sọ fún àwọn. Lẹ́tà ni kó fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àkọlé ló ń pinnu bóyá wọ́n á ṣí i. Lórí fóònù, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń hàn nínú àkọlé ímeèlì kí ó tó gé e. «Lẹ́tà Oṣù Kẹfà láti ilé ìtajà wa» kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. «Kí ló dé tí aró ń jáde lára àdìrẹ?» ni ohun tí oníbàárà fúnra rẹ̀ béèrè, ó sì kúrú tó láti hàn tán. Kó má sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú àwòrán bí ti ìkéde òde ayẹyẹ. Bí àwòrán kò bá ṣí nítorí pé dátà kò tó, òfìfo ni oníbàárà máa rí.

Ní ti ọ̀nà tí yóò gbà fi ránṣẹ́, Wọ́sáàpù rọrùn, ṣùgbọ́n àkójọ broadcast kan kò gbà ju ènìyàn 256 lọ, ẹni tí kò sì fi nọ́ńbà oníṣòwò pa mọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń rò pé àwọn ń bá gbogbo oníbàárà sọ̀rọ̀, tó sì jẹ́ pé ìdajì kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dára kó sọ ọ́ lójú ọjà pé kí wọ́n fi nọ́ńbà òun pa mọ́, tàbí kó gba ímeèlì wọn. Kó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn ná, kó sì fi ìlà kan sísàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó sọ bí ẹni tí kò fẹ́ mọ́ ṣe lè kúrò. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà jáde á tẹ bọ́tìnì tó ń sọ pé pàǹtírí ni. Bí irú wọn bá pọ̀, inú àpò pàǹtírí ni lẹ́tà rẹ̀ yóò máa bọ́ sí lọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹ́ ẹ pàápàá.

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń kà á? Kó má gbára lé iye tí ẹ̀rọ ní ó ṣí lẹ́tà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ni iléeṣẹ́ Apple ti ń jẹ́ kí ímeèlì inú fóònù rẹ̀ gbé àwòrán wọlé fúnra rẹ̀ fún ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò fojú kàn lè hàn bí èyí tí wọ́n ti ṣí. Èsì ni kó máa wò. Ṣé ẹnì kan kọ̀wé padà pé òun ti dán ìfọ̀ olómi tútù wò? Ṣé ẹni tó wá sí ọjà ń dárúkọ ọnà tó kà nípa rẹ̀? Bí lẹ́tà mẹ́ta bá lọ láìsí èsì kankan, ìbéèrè tó ń dáhùn kì í ṣe ti àwọn oníbàárà. Kó wá bi mẹ́wàá nínú àwọn tó rajà láìpẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan: «Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ kíyè sí nígbà tẹ́ ẹ fọ aṣọ yẹn?» Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó fi kọ lẹ́tà tó kàn.