Ìwádìí Gbèsè Tí Kò Kọjá Lọ́wọ́ Olùgbéyẹ̀wò

Nígbà tí gbèsè gba ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́kàn lẹ́yìn ọ̀dá owó ọdún 2008, ìwádìí kan tí kò gùn rárá di ohun tí àwọn olóṣèlú ń tọ́ka sí. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff ló kọ ọ́, ó sì jáde lóṣù Karùn-ún ọdún 2010 nínú jọ́nà American Economic Review. Wọ́n ní bí gbèsè ìjọba bá ti kọjá ìdá 90 nínú 100 gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún, ọrọ̀ ajé rẹ̀ kì í dàgbà mọ́. Ṣe ló ń fà sẹ́yìn ní ìdá 0.1 lọ́dún. George Osborne ní Bìrìtéènì àti Paul Ryan ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn olóṣèlú tó fi ìwádìí náà gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ pé kí ìjọba dín ìnáwó kù.

Ẹ̀dà jọ́nà tí ìwádìí náà ti jáde, iṣẹ́ tí wọ́n kà níbi àpérò ọdọọdún ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀ nígbà náà. Wọn kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí olùgbéyẹ̀wò bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn yòókù.

Olùgbéyẹ̀wò ni onímọ̀ mìíràn tí olótùú jọ́nà máa ń fún ní iṣẹ́ náà kà, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá rí i pé ìbéèrè tí iṣẹ́ náà ń béèrè níláárí ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò gbé ìpinnu rẹ̀ dúró, àbá tí yóò dá ni pé kí wọ́n lọ tún un ṣe gidigidi. Èyí kì í ṣe ìlérí pé wọn yóò gbà á. Òǹkọ̀wé yóò dáhùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ síbẹ̀.

Kí ni olùgbéyẹ̀wò tó múná ìbá kọ sórí iṣẹ́ yìí? Ohun àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Wọ́n wá ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fún gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà. Bìrìtéènì lo ọdún 19 lókè ìdá 90, ó sì ń dàgbà ní ìdá 2.4 lọ́dún. Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n kà fún Niu Sílàǹdì, ìyẹn 1951, tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ já wálẹ̀ ní ìdá 7.6. Ọdún kan yìí wá wọ̀n dọ́gba pẹ̀lú ọdún 19. Olùgbéyẹ̀wò kò nílò ju kó béèrè pé: ọdún mélòó ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan?

Ohun kejì ló wúwo jù. Àgbẹ̀ tí ọ̀dá ba oko rẹ̀ jẹ́ lè lọ yáwó láti fi jẹun. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà yóò rí gbèsè àti ìkórè tí kò dáa pa pọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè kọ́ ló ba oko jẹ́. Orílẹ̀-èdè náà ń rí bẹ́ẹ̀: bí ọrọ̀ ajé bá lọ sílẹ̀, owó orí á dín kù, ìjọba á sì yáwó. Ohun tó yẹ kí olùgbéyẹ̀wò béèrè ni èwo ló ṣáájú. Nígbà tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé Arindrajit Dube yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2013, ó rí i pé gbèsè òní bá ìdàgbàsókè ọdún tó ti kọjá tan ju ti ọdún tó ń bọ̀ lọ.

Àṣìṣe tí gbogbo ayé mọ̀ ni olùgbéyẹ̀wò kì bá tí rí, nítorí inú fáìlì Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ló wà. Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, gbìyànjú láti rí nọ́ńbà kan náà, kò rí i, títí àwọn òǹkọ̀wé fi fi fáìlì wọn ránṣẹ́ sí i. Ìlà 30 sí 44 ni wọ́n pa pọ̀ dípò 30 sí 49, Ọsirélíà, Ọ́síríà, Bẹ́ljíọ̀mù, Kánádà àti Dẹ́nmáàkì sì bọ́ síta. Àwọn ọdún kan tún wà tí wọn kò kà, bíi ọdún 1946 sí 1949 fún Niu Sílàǹdì. Lóṣù Kẹrin ọdún 2013, òun, Michael Ash àti Robert Pollin gbé àtúnṣe jáde: ìdàgbàsókè ìdá 2.2 ni, kì í ṣe ìfàsẹ́yìn 0.1.

Síbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tí gbèsè wọn wà láàárín ìdá 60 sí 90 ń dàgbà ní 3.2, nítorí náà ìyàtọ̀ ṣì wà. Ohun tó pòórá ni ọ̀gbun tí wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ìdá 90. Reinhart àti Rogoff gbà pé àwọn ṣe àṣìṣe inú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì tẹ àtúnṣe jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé ọ̀nà tí àwọn gbà wọn nọ́ńbà náà kò tọ̀nà. Láti ọdún 2019, ẹgbẹ́ tó ni jọ́nà náà ti ní òṣìṣẹ́ tó ń yẹ fáìlì àti ìlànà ìṣirò wò kí iṣẹ́ tó jáde.