Ohun Tó Já Ìkọ́ Pátákó Wa



Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń tú ká ní àsẹ́ńbílì. Pátákó tí ẹ ń kà yìí já bọ́ lára ògiri, díẹ̀ ló kù kó ba ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ kan lórí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló sọ pé ta ló rán mi pé kí n fi ike ṣe ìkọ́ pátákó. Ọ̀gá àgbà ò bínú jù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìkọ́ ike kankan ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ yìí mọ́, àfi tí mo bá lè ṣàlàyé ohun tó já a. Àlàyé náà rèé. Ike ò jẹ̀bi. Èmi tí mo pinnu bí ẹ̀rọ ṣe máa kọ́ ọ ni mo ṣìṣe.

Ẹ̀rọ tó ń mọ nǹkan bí ilé alámọ̀

Inú pírńtà tírí-dí tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni ìkọ́ náà ti jáde. Ẹ̀rọ yìí kì í gbẹ́ nǹkan bíi gbẹ́nàgbẹ́nà. Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yọ́ ní nǹkan bí 200 dígírì, á máa fún un jáde lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn ń fún ọṣẹ ìfọyín, á sì máa tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ rẹ̀ ní ìlà ìlà. Tí ìpele kan bá parí, ẹnu ẹ̀rọ á gòkè díẹ̀, á tẹ́ ìpele míì lé e. Ìpele tiwa nípọn ní 0.2 mìlímítà, ìyẹn ni pé márùn-ún ló máa wà nínú mìlímítà kan. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn baba wa ṣe ń mọ ilé alámọ̀ ti mọ ọ̀nà yìí. Wọ́n á mọ ìpele kan yí ilé ká, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ èkejì lé e.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí o. Ní ọdún 2013, ní Lomé nílẹ̀ Tógò, Kodjo Afate Gnikou tó ń ṣiṣẹ́ ní WoeLab fi ara kọ̀ǹpútà, pírńtà àti sikánà tí wọ́n ti kó dànù kọ́ ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní W.Afate. Bóyá ẹ̀rọ wọ́n ni o, bóyá pàǹtí ni wọ́n fi kọ́ ọ ni o, òfin kan náà ló de gbogbo wọn, torí pé ìpele lórí ìpele ni gbogbo wọn ń kọ́.

Ibi tí ìkọ́ náà ti já

Ìkọ́ wa dà bíi lẹ́tà J. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 8, ó fẹ̀ ní mìlímítà 12, ó sì nípọn ní mìlímítà 6. Nígbà tí mo gbé àwòrán rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo nà án ró bó ṣe máa wà lára ògiri gẹ́lẹ́. Ó dùn ún wò lójú mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Tí ìkọ́ bá nàró lórí pẹpẹ, àwọn ìpele rẹ̀ á tò léra bí ewé ìwé. Pátákó wá ń fà á sísàlẹ̀, ó sì ń fẹ́ na ìtẹ̀sí J náà jáde. Agbára yẹn ń ya ìpele kan kúrò lára ìkejì ni. Ibẹ̀ gan-an sì ni kò lágbára tó, torí pé kí ìpele tuntun tó dé, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti tutù. Wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ra ni, wọn ò yọ́ di ọ̀kan tán. Ẹ wo igi ìdáná. Téèyàn bá fẹ́ là á, àáké ò ní pẹ́ kó tó wọlé. Àmọ́ téèyàn bá ní òun fẹ́ dá a sí méjì, òógùn á bọ́. Ìkọ́ tí mo tẹ̀ ní ìnàró, lílà ni pátákó là á.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti já? Ojú ibi tó já tẹ́jú, ó ń dán, ìlà tín-ín-tín-ín sì wà lára rẹ̀. Ká ní ike fúnra rẹ̀ ló fà ya, ojú ibẹ̀ ì bá rí ṣákaṣàka, á sì funfun díẹ̀ níbi tó ti nà kó tó já.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tún tẹ méjì láti fi wò ó. A na ọ̀kan ró, a tẹ́ ìkejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìlà ike lè bá kọ́rọ́kọ́rọ́ J náà yí lọ. Ike kan náà, ìwọ̀n kan náà. A gbé ike ọ̀dà onílítà 20 kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń bu omi sí i ní lítà kọ̀ọ̀kan. Lítà omi kan, kílò kan ni. Èyí tó nàró já ní lítà kẹsàn-án. Èyí tó dùbúlẹ̀ gbé lítà 16. Ó tẹ̀ díẹ̀, kò já, àwa la fi í sílẹ̀.

Pátákó wa ò ju kílò 6 lọ, ìkọ́ méjì ló sì gbé e. Kí ló wá dé tó fi já? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ kíláàsì mi kan fara ti igun pátákó bó ṣe ń lẹ ìwé mọ́ ọn. Ẹrù pátákó àti ẹrù ara rẹ̀ bọ́ sórí ìkọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, kó o tó tẹ ohunkóhun, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ibo ni agbára máa ti fà á. Ìyẹn ni kó o fi mọ bó o ṣe máa tẹ́ ẹ, kì í ṣe bó ṣe dùn ún wò.

Ọparun abẹ́ dẹ́kìn

Ìnàró yẹn tún kó ìyọnu kejì bá wa. Ẹ̀rọ ò lè tẹ ike sórí afẹ́fẹ́. Ẹnu J náà wà lórí asán, nítorí náà ẹ̀rọ ní láti kọ́ òpó ìgbéró sábẹ́ rẹ̀, bí ọparun tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró títí kọnkéré á fi gan. Òpó yìí ń jẹ ike, ó ń jẹ àkókò, tí a bá sì ká a kúrò tán, ojú ibẹ̀ á rí wúruwùru. Nígbà tí mo tẹ́ J sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò nílò òpó kankan.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tó máa nílò òpó? Ìlà ike tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ wa jáde fẹ̀ ní 0.4 mìlímítà. Tí ògiri ohun tí à ń tẹ̀ bá fì síta ní dígírì 45, ìpele kọ̀ọ̀kan á yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ ní 0.2 mìlímítà. Ìdajì ìlà nìyẹn, ìdajì tó kù ṣì ríbi jókòó sí. Tó bá fì síta tó dígírì 60, á yọ ní nǹkan bí 0.35. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo ìlà wà lórí asán, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò gan. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ka 45 sí ààlà.

Ìdùbúlẹ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀ ṣá. Ihò tí ìṣó máa gbà wọ ògiri ti di ihò tó sùn, òkè rẹ̀ sì rí roboto. Òkè ihò roboto máa ń tẹ́jú kọjá dígírì 45, ó sì máa ń rọ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a ya ihò náà bí ẹ̀kán omi, ìsàlẹ̀ roboto, orí ṣóńṣó bí òrùlé ilé. Ọgbọ́n yìí wọ́pọ̀ lára ẹ̀yà àwọn ẹ̀rọ RepRap, èyí tí Adrian Bowyer bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Bath ní ọdún 2005, tí wọ́n lè tẹ púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara wọn.

Ìfà tó há sínú

Ìyọnu kẹta ò hàn sí yín, torí pé ilé la ti rí i. A fẹ́ tẹ ike pẹlẹbẹ kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 láti so ìkọ́ méjèèjì pọ̀. Kó tó dé ìdajì, igun rẹ̀ méjì ti ká sókè kúrò lórí pẹpẹ.

Ohun tó fà á ni pé ike máa ń sún kì nígbà tó bá ń tutù. Ìpele tuntun gbóná dé orí èyí tó ti tutù, ó fẹ́ sún kì, tìsàlẹ̀ ò gbà fún un. Ni ìfà bá há sáàárín wọn. Ìpele ń lé ìpele, ìfà ń lé ìfà, títí wọ́n fi fa igun sókè. Àwọn ìyá amọ̀kòkò mọ nǹkan yìí dáadáa. Tí ẹnu ìkòkò bá yára gbẹ ju ìdí rẹ̀ lọ, á sán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo ẹnu rẹ̀ kó lè gbẹ pọ̀.

A ṣe ohun mẹ́ta. A gé ike náà sí méjì, torí pé bó bá ṣe gùn tó ni ìfà igun rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. A sọ igun rẹ̀ di roboto, kí ìfà má bàa pàdé ní ojú kan. A sì pa fáànù yàrá, a jẹ́ kí pẹpẹ máa gbóná ní 60 dígírì, kí ìsàlẹ̀ má bàa yára tutù. Ó dùbúlẹ̀ pẹ́ẹ́.

Tó bá jẹ́ irin ńkọ́?

Wọ́n ń tẹ irin náà o. Ìyẹ̀fun irin ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná lésà á sì yọ́ ibi tó yẹ. Ìpele rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 0.03 sí 0.06 mìlímítà. Ṣùgbọ́n irin ò yọ́ ní 200 dígírì, ti irin gidi ju 1,400 lọ. Ooru tó tó báyìí, tó sì tutù lójú ẹsẹ̀, ìfà tó máa há sínú rẹ̀ ju ti ike lọ fíìfíì. Ó lè fa etí iṣẹ́ sókè débi tí abẹ tó ń tẹ́ ìyẹ̀fun á fi kọlù ú.

Nítorí náà, iṣẹ́ òpó ìgbéró yàtọ̀ níbẹ̀. Kì í kàn ṣe pé ó gbé nǹkan ró, ó tún ń di iṣẹ́ mọ́ àwo irin tó wà nísàlẹ̀ kó má bàa ká sókè, ó sì ń gbé ooru lọ sínú àwo náà, torí pé ìyẹ̀fun kì í gbé ooru dáadáa. Irin ni òpó náà, ayùn ló ń gé e. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í sì í kánjú gé iṣẹ́ náà kúrò lórí àwo. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ àti àwo pọ̀ sínú iná ìléru, kí ìfà inú rẹ̀ tú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé e, á kàn rí i tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ní báyìí, Ọ̀gá àgbà ti gbà kí a gbé ìkọ́ méjèèjì tó dùbúlẹ̀ kọ́. Òjìji ni pátákó wà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé ní nǹkan bí 60 dígírì ni ike PLA tí a lò ti ń rọ̀. Èyí tó já wà ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ olùkọ́ Físíìsì wa. Ẹ fi èékánná gba ojú ibi tó já kọjá, ẹ máa gbọ́ bí ìlà rẹ̀ ṣe ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Àmọ́ jọ̀ọ́, ẹ má fara ti pátákó.