Ìlọ́po Abí-ọfà àti Ìwọ̀n Àyè Onígun Mẹ́rin Abárarìn

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, fẹ́kítọ̀ ni orúkọ ohun tí ó ní gígùn, tí ó sì ní apá ibi tí ó kọjú sí. Ọfà ni a sábà máa ń fi yà á, nítorí náà ọfà ni a óò pè é níhìn-ín. Bí ọfà méjì bá gbéra láti ojú kan náà, tí wọn kò sì kọjú sí ọ̀nà kan náà, a lè fa ìlà méjì mìíràn tí yóò bá wọn rìn lọ́gbọọgba láti fi parí àwòrán náà. Ohun tí yóò jáde ni onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì-méjì ń bára rìn láì pàdé. Èyí ni onígun mẹ́rin abárarìn. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń rí ìwọ̀n àyè inú rẹ̀ láti ara ọfà méjèèjì, ṣùgbọ́n orúkọ tí olùtumọ̀ bá fún ọ̀nà náà lè la akẹ́kọ̀ọ́ lójú tàbí kí ó ṣì í lọ́nà.

Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò wá láti ara àmì. Willard Gibbs, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1881, ó sì fi àmì × sáàárín ọfà méjì nínú rẹ̀. Edwin Wilson, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, sọ ẹ̀kọ́ náà di odindi ìwé ní 1901, àmì náà sì bá a lọ. Nínú ìwé àwọn elédè Faransé ẹ̀wẹ̀, àmì ∧ ni a sábà máa ń rí, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ń tọ́ka sí fẹ́kítọ̀, kì í ṣe sí ìrísí àmì. Bí olùtumọ̀ bá pè é ní ‘ìlọ́po alágbèélébùú’, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Abẹ́òkúta yóò rí nǹkan tí ó jọ àgbélébùú nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń fi èdè Faransé kẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lè máà rí i rárá.

Ewu kejì ju èyí lọ. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ ti mọ × ní àmì ìsọdipúpọ̀. Nígbà tí ó bá tún rí i láàárín ọfà méjì, ohun tí ó máa ń ṣe ni pé kí ó wọn gígùn ọfà kìíní, kí ó wọn ti èkejì, kí ó sì sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọfà kan tí ó lọ mítà 3 sí ìlà-oòrùn àti mítà 1 sí àríwá, àti òmíràn tí ó lọ mítà 2 sí ìlà-oòrùn àti mítà 4 sí àríwá. Gígùn wọn jẹ́ √10 àti √20. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a óò rí nǹkan bí 14.14.

Àwòrán fúnra rẹ̀ ni yóò já irọ́ yìí. Onígun mẹ́rin náà wọ inú àpótí tí ó gùn ní mítà 5, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 5, àyè inú àpótí náà sì jẹ́ 25. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni onígun mẹ́ta méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.5, onígun mẹ́ta méjì mìíràn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4, àti igun àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 15. Bí a bá yọ 15 kúrò nínú 25, ó ku 10. Iye yìí kan náà ni a ń rí bí a bá ṣe ìsọdipúpọ̀ ní ìdábùú, tí a sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì:

3·4 − 1·2 = 10

Ìdí tí 14.14 fi pọ̀ jù ni pé onígun mẹ́rin náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gíga rẹ̀ kéré sí gígùn ẹ̀gbẹ́ tí ó dà náà, sáìnì igun àárín ọfà méjèèjì ni ó sì ń sọ bí ó ti kéré tó. Igun yìí jẹ́ dígírì 45. Bí igun bá ti ń sún mọ́ dígírì 90 ni àṣìṣe náà ń dín kù, tí ó sì ń ṣòro láti rí.

Àpẹẹrẹ àtíbàbà yóò fi èyí hàn. Òpó mẹ́rin ni a rì mọ́lẹ̀, mítà 3 láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, mítà 2 láti gúúsù sí àríwá. Òpó kìíní ga ní mítà 2, méjì tí ó tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún àti lápá òsì ga ní mítà 3, èyí tí ó kọjú sí i ní ìdábùú sì ga ní mítà 4. Páànù mélòó ni yóò bo òrùlé náà? Láti orí òpó kìíní, ọfà kan lọ sí ìlà-oòrùn, òmíràn lọ sí àríwá, àwọn méjèèjì sì gòkè ní mítà 1:

a = (3, 0, 1)
b = (0, 2, 1)
a × b = (0·1 − 1·2, 1·0 − 3·1, 3·2 − 0·0) = (−2, −3, 6)

Gígùn ọfà tí ó jáde yìí ni √(4 + 9 + 36), èyí tí í ṣe 7. Ìwọ̀n àyè òrùlé náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7. Ẹni tí ó bá wọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan yóò rí 6. Ẹni tí ó bá sọ gígùn etí òrùlé méjèèjì di púpọ̀ yóò rí 7.07, nítorí pé igun àárín wọn jẹ́ nǹkan bí dígírì 82.

Iye mẹ́ta tí ó wà nínú ìdáhùn náà ní ìtumọ̀. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí gan-an, òjìji òrùlé lórí ilẹ̀ yóò jẹ́ 6. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti gúúsù wá ní tààrà, òjìji rẹ̀ lára ògiri àríwá yóò jẹ́ 3. Bí ó bá ti ìwọ̀-oòrùn wá, òjìji ara ògiri ìlà-oòrùn yóò jẹ́ 2. Àmì ìyọkúrò tí ó wà níwájú 2 àti 3 ń sọ pé ọfà tuntun náà fì sí ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù bí ó ti ń lọ sókè, nítorí pé ó dúró ṣánṣán sí òrùlé tí ó ń gòkè sí ìlà-oòrùn àti àríwá. Ibí yìí ni olùkọ́ ti lè yẹ iṣẹ́ wò: 3·(−2) + 0·(−3) + 1·6 jẹ́ òfo, 0·(−2) + 2·(−3) + 1·6 náà sì jẹ́ òfo. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá jẹ́ òfo, àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́ náà.

Bí a bá fi b ṣáájú a, (2, 3, −6) ni yóò jáde. Ọfà náà yí orí padà sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò yí padà, àyè òrùlé sì wà bí ó ti wà. Bí ọfà méjèèjì bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo, òfo ni ìdáhùn, nítorí pé kò sí àyè láàárín wọn.

Ó hàn nígbà náà pé ohun méjì ni olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Ọfà ni iṣẹ́ yìí ń bí. Gígùn ọfà náà ni ìwọ̀n àyè. Mítà ni a fi wọn a àti b, ṣùgbọ́n mítà onígun mẹ́rin ni a fi ń wọn ọfà tuntun. Nítorí náà ni ‘ìlọ́po abí-ọfà’ fi yẹ é. Ìlọ́po kejì, tí a lò láti fi yẹ iṣẹ́ wò lókè, òǹkà lásán ni ó ń mú jáde, a sì lè pè é ní ‘ìlọ́po abí-òǹkà’. Àmì tí ìwé kọ̀ọ̀kan bá lò, ì báà jẹ́ × tàbí ∧, kò ní yí orúkọ méjèèjì padà.