Igi Ìpinnu Ilé Iṣẹ́ Gààrí

Ká ní obìnrin kan fẹ́ fi mílíọ̀nù 10 náírà dá ilé iṣẹ́ gààrí sílẹ̀. Bí ọjà bá tà, iṣẹ́ náà yóò tó mílíọ̀nù 14 ní iye owó òní. Bó bá kùtà, mílíọ̀nù 4 péré ni. Ká gbà pé ọgbọọgba ni méjèèjì ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ìdajì àpapọ̀ wọn jẹ́ mílíọ̀nù 9, àdánù mílíọ̀nù 1 nìyẹn.

Ìṣirò yẹn gbàgbé pé yóò lè yí ìpinnu padà lẹ́yìn ọdún kan.

Ó yẹ kó ya igi sórí ìwé, kó sì ṣírò láti ṣóńṣó ẹ̀ka padà sí ìdí. Lórí ẹ̀ka tí ọjà ti kùtà, ó lè jáwọ́, kó ta àwọn ẹ̀rọ àti ilẹ̀ ní mílíọ̀nù 6 dípò kó máa bá 4 yí. Lórí ẹ̀ka tó dára, ó lè fi mílíọ̀nù 5 fẹ iṣẹ́ náà lójú kó sì rí 9 sí i: 14 di 18. Ìdajì 18 àti 6 jẹ́ 12. Àdánù 1 di èrè 2. Àǹfààní láti jáwọ́ tó mílíọ̀nù 1, ti láti fẹ iṣẹ́ lójú tó 2.

Iye ẹ̀rọ àlòkù ló sábà máa ń tanni jẹ. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá tà ju mílíọ̀nù 4 lọ, àǹfààní àtijáwọ́ ti di òfo. Ẹ̀rọ wo ni àwọn oníṣòwò àlòkù ń rà, èló sì ni wọ́n ń san? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú owó tuntun.