Bọ́ọ̀lù Mélòó Ló Máa Kàn Án? Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Ọ́ọ̀dì Lé Alubọ́ọ̀lù Nínú Kírikẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, Íńdíà àti Ọsirélíà pàdé ní ìlú Ahmedabad láti parí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kírikẹ́ẹ̀tì. Virat Kohli ti Íńdíà ti kó ayò tó lé ní 700 jọ kí ọjọ́ náà tó pé, kò sì sí ẹni tó kó tó bẹ́ẹ̀ rí nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ náà, ó kó 54. KL Rahul, tó wọ pápá ní ipò karùn-ún, kó 66. Ẹni tó bá fi owó lé Rahul gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ayò rẹ̀ máa pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Íńdíà gba owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọsirélíà ló gba ife.

Irú tẹ́tẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì lóye. Wọ́n rò pé ta ló mọ bọ́ọ̀lù lù jù ni ìbéèrè náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ẹni tó ń dá ọ́ọ̀dì ń bi ara rẹ̀ ni pé, bọ́ọ̀lù mélòó ló máa kan ọkùnrin yìí lónìí, kí ló sì lè fi wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ ká rántí bí eré náà ṣe ń lọ. Alubọ́ọ̀lù méjì ló máa ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, ẹni tó kàn á wọlé, títí a ó fi yọ mẹ́wàá tàbí tí bọ́ọ̀lù á fi tán. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ófà kan. Nítorí náà, nínú eré ófà 50, bọ́ọ̀lù 300 péré ni gbogbo ẹgbẹ́ ní láti pín láàárín ara wọn. Àwọn méjì tó ṣí eré máa ń bẹ̀rẹ̀ bu tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ẹni kẹfà lè má rí nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí irú eré fi ń yí ọ́ọ̀dì padà kí ohunkóhun mìíràn tó dá sí i. Nínú eré ófà 20, bọ́ọ̀lù 120 ló wà, kì í sì í pẹ́ tán. Ọ́ọ̀dì àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ á kéré, ti ẹni kẹfà á sì ga fíofío, kódà bó bá jẹ́ òun ló lágbára jù nínú wọn. Nínú eré Tẹ́ẹ̀sì ọlọ́jọ́ márùn-ún, kò sí iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n dá fún ẹgbẹ́ kan. Ẹni karùn-ún lè fi odindi ọjọ́ kan lu bọ́ọ̀lù, nígbà tí àwọn tó ṣí eré ti bá bọ́ọ̀lù tuntun, tó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, jà. Níbẹ̀, ọ́ọ̀dì wọn máa ń sún mọ́ra.

Bí ọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní ilé tẹ́tẹ́ kan fún Kohli ní 3.50, Rohit Sharma 4.00, Shubman Gill 4.50, Shreyas Iyer 6.50, Rahul 8.00. Àpẹẹrẹ ni mo fi wọ́n ṣe o. Tí a bá fi 3.50 pín 100, a ó rí nǹkan bí 29: ìyẹn ni pé ilé tẹ́tẹ́ ń díye lé Kohli bí ẹni tó máa ṣaájú ní ìgbà 29 nínú 100. Ti Rahul á jẹ́ bí 12 ààbọ̀. Tí a bá ro ti àwọn márùn-ún yìí pọ̀, ó ti kọjá 100 díẹ̀, a ò sì tíì ka àwọn mẹ́fà yòókù. Ohun tó lé lórí 100 yẹn ni èrè ilé tẹ́tẹ́. Bí àwọn tó wà lórí ìwé bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè láti fi èrè pamọ́ sára wọn ṣe pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí mo fi ka tẹ́tẹ́ yìí sí ọ̀kan lára èyí tó wọ́n jù fún ẹni tó ń ta á.

Ní Ahmedabad, ojú ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń bà kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti gbá eré Íńdíà àti Pakísítàn lórí rẹ̀ nínú ìdíje kan náà. Ilẹ̀ tó ti gbẹ, tí wọ́n ti lò, máa ń di bọ́ọ̀lù mú díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ alubọ́ọ̀lù. Ẹni tó fẹ́ràn láti gbá a kọjá ààlà á tètè ná ọwọ́, bọ́ọ̀lù á sì ṣe fùù lọ sọ́wọ́ ẹni tó máa hán an. Ẹni tó lè dúró kó máa kó ayò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá lára mu. Rohit fi bọ́ọ̀lù 31 péré kó 47, wọ́n sì yọ ọ́. Rahul gba bọ́ọ̀lù 107, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lù ú dé ààlà nínú gbogbo rẹ̀. Kò wu ojú rí, àmọ́ ó ju ìdá mẹ́ta gbogbo bọ́ọ̀lù tí Íńdíà ní lọ.

Owó ẹyọ tí wọ́n jù sókè ṣáájú eré ńkọ́? Pat Cummins, balógun Ọsirélíà, ló jẹ ẹ́, ó sì ní kí Íńdíà kọ́kọ́ lù. Ó mọ̀ pé ìrì máa sẹ̀ lálẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti tutù, kì í yí lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù mọ́, ilẹ̀ náà á sì túbọ̀ rọrùn fún ẹni tó ń lù. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà tó kan ọ́ọ̀dì ju ìrì lọ: ẹni tó lu kẹ́yìn kò ní láti lo gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bó bá ti dé iye tó ń lé, eré parí. Íńdíà kó 240. Ọsirélíà dé 241 ní ófà 43, Travis Head tó ṣí eré kó 137, Marnus Labuschagne sì kó 58. Àwọn méjèèjì gba bọ́ọ̀lù 230 nínú nǹkan bí 258. Bọ́ọ̀lù kan péré ló kan Glenn Maxwell. Josh Inglis kò tiẹ̀ wọ pápá. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá máa lu kẹ́yìn, tí ilẹ̀ sì fi hàn pé ayò ò ní pọ̀, ọ́ọ̀dì ẹni kẹfà yẹ kó lọ sókè láàárín ìgbà tí wọ́n ju owó ẹyọ àti ìgbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Tí ò bá lọ, a jẹ́ pé ilé tẹ́tẹ́ ń ta ohun tí ò sí.

Kò sí ìṣirò kankan tí eré kì í já. Maxwell yìí kan náà, lọ́jọ́ 7 oṣù náà ní Mumbai, wọlé ní ipò kẹfà sí Afuganísítàn, ó sì kó 201. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n ti yọ mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ófà mẹ́sàn-án tó parí, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí bọ́ọ̀lù 128 gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó sí i gbọ́dọ̀ ka òfin ilé tẹ́tẹ́ náà ná. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ẹni tó o mú kò bá sí lára àwọn mọ́kànlá tí wọ́n kéde, wọ́n á dá owó padà. Bó bá wà lára wọn ṣùgbọ́n tí kò rí bọ́ọ̀lù kankan lù, bíi ti Inglis, owó ti lọ. Bí ẹni méjì bá sì jọ kó ayò tó dọ́gba, ìdajì owó rẹ nìkan ni wọ́n máa san ọ́ọ̀dì lé: ẹni tó fi 1,000 náírà lé ọ́ọ̀dì 8.00 á gba 4,000, kì í ṣe 8,000.