Àwòrán Tó Dá Fóònù Dúró

Ní ọdún 2020, àwòrán adágún kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Bí wọ́n bá ti fi ṣe àwòrán ojú fóònù, ojú fóònù á máa tàn, á máa kú, kò sì ní fún wọn láyè láti yọ ọ́. Àwọn Samsung àti Pixel kan ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ fóònù mìíràn gbé àwòrán kan náà láìsí ìyọnu.

Nígbà tí ètò kan bá kú lójijì, fóònù máa ń kọ ìròyìn sílẹ̀: irú fóònù, ẹ̀dà Android rẹ̀, àti ibi tí kóòdù ti kọsẹ̀. Ẹni tó ń wá àléébù á wo ohun tó pa àwọn fóònù tó kú pọ̀. Android 10 ló pa àwọn wọ̀nyí pọ̀, ìròyìn náà sì kà báyìí:

```
ArrayIndexOutOfBoundsException: length=256; index=256
```

Àyè 256 ló wà, wọ́n sì ń kà á láti 0 dé 255. Ètò náà ń wá èyí tí kò sí. Ṣe ni ó ń ṣírò bí tóótó kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ sí, láti ara pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù rẹ̀. Àwọ̀ àwòrán yìí gbòòrò ju èyí tí ètò náà retí lọ, àròpọ̀ tóótó kan sì kọjá 255. Android 11 ló wá ṣe àtúnṣe sí i.

Bí ètò kan bá kú lórí fóònù yín, ẹ gbà kí ó fi ìròyìn ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn fúnra yín, ẹ kọ irú fóònù, ẹ̀dà Android, àti ohun tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn.